Ilé Ti Ní Ẹni: Bí Onílé Ṣe Lè Dá Àwọn Tó Kù Lóhùn

Fúláàtì kan ló ṣófo, èèyàn mẹ́sàn-án ló ń fẹ́ ẹ. Ẹnì kan ni yóò gba kọ́kọ́rọ́. Àwọn mẹ́jọ tó kù ńkọ́? Ní Èkó, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Wọn á pe onílé, fóònù á dún títí, kò ní gbé e. Wọn á pe ejẹ́ǹtì, ejẹ́ǹtì á ní, "Bàbá ṣì ń rò ó." Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn á gba àdúgbò náà kọjá, á rí kọ́tìnnì tuntun lójú fèrèsé òkè. Ibẹ̀ ló ti máa mọ̀ pé ilé ti lọ.

Ìwà ìkà kọ́ ló sábà máa ń fa ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí. Ìtìjú ni, pẹ̀lú ọ̀lẹ díẹ̀. Ẹni tó wá wo ilé ti kí bàbá dáadáa, ó ti sọ ìlú rẹ̀, ó lè ti jẹ́ pé ìjọ kan náà ni wọ́n jọ ń lọ tàbí pé mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n ti ń kírun. Ó wúwo lẹ́nu láti wí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kò ní rí ilé náà gbà. Bàbá á wá fi í sílẹ̀, á ní bí ó bá pẹ́, yóò yé e fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró yẹn ti lè jẹ́ kí ilé mìíràn bọ́ lọ́wọ́ òun nítorí ti bàbá. Onílé náà sì pàdánù nínú rẹ̀, nítorí pé bí fúláàtì mìíràn bá ṣófo lọ́la, inú àwọn mẹ́jọ yẹn ló yẹ kó ti mú ayálégbé, kò sì ní lójú láti pè wọ́n mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ronú nípa onílé kan ní Ìkòròdú. Ká ní olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní fúláàtì mẹ́rin, ó ń gbé ọ̀kan, ó sì fi mẹ́ta yá èèyàn. Fúláàtì oníyàrá méjì tó wà lókè ló ṣófo, owó rẹ̀ jẹ́ 900,000 náírà lọ́dún. Nọ́ọ̀sì kan àti ọkọ rẹ̀ wá wò ó. Obìnrin aránṣọ kan tó ní ọmọ méjì wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì wá, bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin lọ́yà kan, àti tọkọtaya kan tí wọn kò tíì pẹ́ ṣègbéyàwó. Àwọn mẹ́rin mìíràn tún wá: bàbá kan tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ èèyàn mẹ́jọ, awakọ̀ kan tó jẹ́ pé yàrá kan àti pálọ̀ ni owó rẹ̀ ká, ọkùnrin kan tó fẹ́ máa fi pálọ̀ ṣe ìsọjí lálaalẹ́, àti ẹnì kan tí kò fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè ibi tí òun ń gbé tẹ́lẹ̀.

Bàbá ronú, ó mú nọ́ọ̀sì. Títí débí, kò sí ìṣòro. Ibi tí àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí a bá fẹ́ sọ fún àwọn tó kù.

Àwọn onílé kan máa ń yára jù. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti yan ẹni tó wù wọ́n náà ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn yòókù pé ilé ti lọ. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí wọ́n yàn á ní owó àjọ tí òun gbójú lé kò tíì bọ́ sí òun lọ́wọ́, tàbí pé ọkọ òun ti rí ilé tó sún mọ́ ibi iṣẹ́. Àwọn tí a ti lé lọ á sì ti lọ lóòótọ́. Nítorí náà, kí bàbá kọ́kọ́ fún nọ́ọ̀sì ní gbèdéke tó ní ọjọ́ àti wákàtí nínú: "Ẹ sanwó kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Fráìdé tó lù." Láàárín àkókò yẹn, ẹnì kan péré nínú àwọn tó kù ló yẹ kó gbọ́ nǹkan kan, ìyẹn ẹni tó ṣe ìkejì. Aránṣọ ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn: "Ẹnì kan wà níwájú yín, mo fún un di ọjọ́ Fráìdé. Màá pè yín ní ọjọ́ Sátidé, bóyá ó san án o, bóyá kò san án." Kí bàbá sì pè é lóòótọ́.

Bí owó bá wọlé ńkọ́? Àláàtì tó wọ orí fóònù kò tó ẹ̀rí. Àwọn gbájú-ẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi àláàtì ayédèrú ránṣẹ́, tí yóò jọ ti báǹkì tòótọ́ délẹ̀. Inú àkáǹtì gan-an ni kí bàbá wò, kó rí i pé owó tó wà níbẹ̀ ti fi 900,000 ga sí i. Lẹ́yìn náà ni kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí bàbá já rìsíìtì tí ọjọ́, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, àdírẹ́sì ilé, iye owó àti àkókò tí owó náà wà fún hàn lórí rẹ̀. Bí òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ṣe fẹ́ kí rìsíìtì rí nìyẹn. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ti kúrò lọ́wọ́ bàbá ni ilé náà tó ní ẹni. Ìgbà yẹn ni kó wá kọ̀wé sí àwọn tó kù, kó má sì jẹ́ kí ọjọ́ méjì kọjá lórí rẹ̀.

Ẹni tí bàbá máa ń gbàgbé láti kọ́kọ́ sọ fún ni ejẹ́ǹtì. Bí ejẹ́ǹtì kò bá gbọ́ pé ilé ti lọ, yóò ṣì máa mú èèyàn wá wò ó, yóò sì máa gba owó àyẹ̀wò lọ́wọ́ wọn. Orúkọ onílé ni wọ́n máa bú, kì í ṣe ti ejẹ́ǹtì. Kí bàbá yọ pátákó tó fi kọ́ sára ògiri náà.

Ó wá ku lẹ́tà. Lẹ́tà méjì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan, nítorí pé oríṣi èèyàn méjì ni àwọn mẹ́jọ yìí. Àwọn kan wà tí ilé náà ìbá jẹ́ tiwọn ká ní méjì ló ṣófo: aránṣọ, òṣìṣẹ́ báǹkì, lọ́yà, àti àwọn tọkọtaya. Àwọn kan sì wà tí bàbá kò ní fi ilé rẹ̀ fún láé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo fúláàtì mẹ́rin ló ṣófo. Ibi tí ìwà ọmọlúàbí ti máa ń ṣi bàbá lọ́nà nìyí. Ó máa ń wù ú kó wí fún gbogbo wọn pé, "Mo ti kọ orúkọ yín sílẹ̀, bí òmíràn bá ṣófo, màá pè yín." Ó dùn ún gbọ́, kò sì ná an ní kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n irọ́ ni fún mẹ́rin nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ máa ṣe ìsọjí yóò máa pè lóṣooṣù, lọ́jọ́ tó bá sì gbọ́ pé fúláàtì ìsàlẹ̀ lọ láìjẹ́ pé wọ́n pè é, ìjà ti dé. Bí a kò bá ní fún èèyàn nílé, kí a má kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́tà tí bàbá lè kọ sí àwọn mẹ́rin wọ̀nyí rèé:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, sà. Èmi ni onílé tí ẹ wá wo fúláàtì òkè lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ wá, ẹ sì kú sùúrù. Mo ti fi fúláàtì náà fún ẹlòmíràn, ó ti sanwó, ó sì ti gba kọ́kọ́rọ́. Mi ò ní ilé mìíràn tó bá ohun tí ẹ ń wá mu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró dè mí. Mo ti pa fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ rẹ́ kúrò lórí fóònù mi. Ọlọ́run á bá wa pèsè èyí tó dára fún yín."

Ẹ wò ó pé ìkíni ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àdúrà ló sì parí rẹ̀, bí ó ti yẹ láàárín wa. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì wà láàárín, kò sì fi ara pamọ́: ó ti sanwó, ẹ má dúró dè mí. Ọ̀pọ̀ onílé máa ń fi àdúrà nìkan dáhùn. "Ọlọ́run á ṣe é," "ẹ ṣì máa fún wa láyè díẹ̀," "a ó máa gbúròó ara wa." Ẹni tó mọ ìṣe wa á gbọ́ pé wọ́n ti kọ òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé ń lé kiri, tí onílé tirẹ̀ ti fún ní ìwé kó jáde, ìrètí ló máa gbọ́ nínú rẹ̀. Àdúrà dára ní ìparí lẹ́tà. Kò dára kó dípò èsì.

Bí bàbá bá fẹ́ sọ ìdí, ìlànà kan wà tí mo rò pé ó yẹ kó tẹ̀ lé. Bí ìdí náà bá jẹ́ ti ilé, kó sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ti èèyàn, kó fi í sínú. Fún bàbá tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, ó lè fi kún un pé, "Yàrá méjì nìkan ló wà níbẹ̀, ilé ìwẹ̀ kan ni, yóò há yín mọ́." Òótọ́ ni, kò bú ẹnikẹ́ni, ó tilẹ̀ máa ran bàbá náà lọ́wọ́ láti mọ irú ilé tó yẹ kó máa wá. Fún awakọ̀, "owó fúláàtì yìí ju èyí tí ẹ sọ lọ" ti tó. Ṣùgbọ́n kí bàbá má ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹnì kẹrin pé ìrísí rẹ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn, tàbí kó wí fún ẹni tó ń ṣe ìsọjí pé ariwo ìjọ wọn ti pọ̀ jù. Ohun tí a bá kọ sórí fóònù kì í gbé ibẹ̀. Yóò dé etí ejẹ́ǹtì, yóò dé etí pásítọ̀, yóò sì padà wá bá a nílé. Kó má sì sọ ẹni tó gba ilé náà tàbí iye tó san. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní, "Èmi náà ì bá ti san jù bẹ́ẹ̀ lọ," ọ̀rọ̀ á sì di títa lọ́jà.

Mo fẹ́ yà bàrá díẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ onílé ní Èkó kì í fẹ́ fi ilé fún lọ́yà, wọn kì í sì í fẹ́ fún obìnrin tí kò lọ́kọ. Ẹ̀rù ilé ẹjọ́ ló ń mú wọn sá fún ti àkọ́kọ́; ti ìkejì kò ní ìdí kankan tó ṣeé sọ síta. Ayálégbé tó mọ òfin ló sábà máa ń ka ìwé àdéhùn kó tó fọwọ́ sí i, onílé tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò sì ní ohun tó ń bẹ̀rù lọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fi lọ́yà yìí sínú àwọn tí bàbá máa kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Lẹ́tà kejì ni ti àwọn tí orúkọ wọn máa wọ ìwé. Èyí tí bàbá kọ sí aránṣọ lè lọ báyìí:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, mà. Ẹni tí mo sọ pé ó wà níwájú yín ti sanwó, fúláàtì náà ti di tirẹ̀. Ó wù mí kí ẹ wà lára àwọn tó ń gbé ilé wa. Bí ẹ bá fẹ́, màá kọ orúkọ yín sínú ìwé àwọn tí mo máa kọ́kọ́ pè nígbà tí fúláàtì oníyàrá méjì mìíràn bá ṣófo, ẹ̀yin lẹ máa ṣe ìkíní nínú rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí yóò jẹ́, ó lè ju ọdún kan lọ. Owó rẹ̀ nígbà náà lè má jẹ́ iye tí mo sọ fún yín. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ nítorí orúkọ yìí, ẹ sì máa wá ilé lọ níbòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fèsì kí ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ tó kọjá. Bí ẹ bá sì ti rí ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ohun tí lẹ́tà yìí ṣèlérí kò ju ẹyọ kan lọ: màá kọ́kọ́ pè yín. Kò sọ pé ilé yóò jẹ́ ti aránṣọ. Kò dá ọjọ́. Kò dá iye owó dúró. Bí bàbá bá kọ ọ́ pé, "Fúláàtì ìsàlẹ̀ ni màá fún yín ní 900,000 bí ayálégbé ibẹ̀ bá ti kó," tí aránṣọ sì fèsì pé òun gbà, wọ́n ti ń sún mọ́ àdéhùn, ó sì lè di ọ̀rọ̀ ńlá bí bàbá bá yí ohùn padà. Gbólóhùn tó ní kí ó máa wá ilé lọ níbòmíràn le díẹ̀ létí, ṣùgbọ́n òun ló ṣe oore jù nínú lẹ́tà náà. Ó tú aránṣọ sílẹ̀. Èsì tí bàbá sì ní kó fi ránṣẹ́ yóò jẹ́ kó mọ ẹni tó fẹ́ wà nínú ìwé lóòótọ́, yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Báwo ni yóò ṣe fi lẹ́tà wọ̀nyí ránṣẹ́? Ẹyọ ẹyọ. Kí bàbá má ṣe dá ẹgbẹ́ Wásáàpù sílẹ̀ fún wọn, nítorí pé gbogbo wọn ló máa rí nọ́ńbà ara wọn níbẹ̀. Fífi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí Wásáàpù gbà wá láyè láti ṣe náà ní àléébù tirẹ̀: ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà onílé sórí fóònù tirẹ̀ kò ní rí ọ̀rọ̀ náà gbà. Ta ló sì ń tọ́jú nọ́ńbà onílé tó rí lẹ́ẹ̀kan? Bàbá á rò pé òun ti dá gbogbo wọn lóhùn, wọn ò sì gbọ́ nǹkan kan. Aránṣọ ní tirẹ̀, nítorí pé bàbá ti ní òun á pè é, ohùn ẹnu ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, kí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e.

Ìwé orúkọ fúnra rẹ̀ kò ju ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan lọ, tí bàbá á fi rúlà là sí ọ̀nà mélòó kan. Ọjọ́ tí ẹni náà kọ́kọ́ wá, orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, irú ilé tó fẹ́, iye èèyàn tó máa bá a gbé, iye tí agbára rẹ̀ ká, àti ọjọ́ tí a bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ọjọ́ tí wọ́n wá ni kó fi to orúkọ wọn: aránṣọ, òṣìṣẹ́ báǹkì, lọ́yà, tọkọtaya. Ó rọrùn láti ṣàlàyé, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé ojúsàájú ni. Ẹ̀yà, ẹ̀sìn àti ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kò ní ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ìwé yẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ tàbí nọ́ńbà NIN wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilé gan-an ló tó bi léèrè ìyẹn. Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 kò fẹ́ kí a máa tọ́jú ìsọfúnni ẹlòmíràn kọjá ìgbà tí a nílò rẹ̀ dà.

Ìwé náà máa ń gbó. Ẹni tó ń wá ilé lóṣù Kẹta, ó ṣeé ṣe kó ti wà nínú ilé mìíràn lóṣù Kẹfà. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, kí bàbá fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́: "Ṣé ẹ ṣì ń wá ilé? Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan, màá yọ orúkọ yín." Ẹni tí kò bá dáhùn, kó fi bírò fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀, kó sì kọ ọjọ́ sí i.

A dé ibi owó. Bí orúkọ bá ti wọ ìwé, ẹnì kan á fẹ́ fi owó ti ara rẹ̀ síwájú. Òṣìṣẹ́ báǹkì lè sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí n lè ṣe ìkíní." Ọ̀rọ̀ tó dùn létí onílé ni, ṣùgbọ́n òfin ọdún 2011 ti dí ọ̀nà yẹn. Onílé kò gbọdọ̀ béèrè owó tó ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kò sì gbọdọ̀ gbà á. Ẹni tó ń wá ilé pàápàá kò gbọdọ̀ fi irú owó bẹ́ẹ̀ lọ̀ ọ́. Ìyà tó wà fún un, yálà fún ẹni tó gbà á tàbí ẹni tó san án, ni owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Àwọn àdúgbò tí òfin náà yọ sílẹ̀ ni Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Ìkòròdú kò sí lára wọn. Mo mọ̀ pé àwọn onílé ń gba ọdún méjì káàkiri Èkó. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun tó bófin mu.

Owó kékeré tí wọ́n ń pè ní "owó ìfọkàntán" léwu pẹ̀lú. Bí bàbá bá gba 20,000 lọ́wọ́ àwọn mẹ́rin nítorí ilé tí kò tíì ṣófo, lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá gba ilé náà, ẹni mẹ́ta ló máa wá gba owó wọn padà, bóyá lẹ́yìn tí bàbá ti ná an. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn oníjìbìtì ń gbà, tí wọ́n fi ń gba owó èèyàn mẹ́wàá lórí ilé kan, ọlọ́pàá kì í sì í rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín onílé tí kò mọ̀ àti oníjìbìtì títí ọ̀rọ̀ á fi dé tésàn. Àwọn èèyàn wa tó ní ilé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ èyí dáadáa, nítorí pé òfin ti là á sílẹ̀ fún wọn: láti oṣù Kẹfà ọdún 2019, owó tí onílé ní England lè gbà láti fi di ilé mú fún ẹni tó fẹ́ yá a kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ kan lọ, bí onílé bá sì fúnra rẹ̀ yẹ àdéhùn, ó ní láti dá owó náà padà. Òfin ìdọ́gba wọn ti ọdún 2010 kò sì gbà kí onílé kọ èèyàn nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Nílé níbí, ohun tó rọrùn jù ni kí ìwé orúkọ má ní òpó owó kankan.

Ohun kan tún wà tó máa ń ba ìwé yìí jẹ́. Bàbá lè máa bá ayálégbé ìsàlẹ̀ jà, ó ti ní lọ́kàn pé òun á lé e. Ó wá wí fún aránṣọ pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, lóṣù tó ń bọ̀ ẹ ti wà nínú ilé." Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà lábẹ́ òfin Èkó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ọlọ́jọ́ méje tó sọ pé onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀ padà. Bí ayálégbé bá ṣì jókòó sílẹ̀, ilé ẹjọ́ ló kù, ìyẹn sì ní àkókò tirẹ̀. Nítorí náà, kí bàbá má ṣe fi ilé tí èèyàn ṣì wà nínú rẹ̀ ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ayálégbé bá ti kó jáde tàbí tó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ń lọ ní ọjọ́ báyìí ni kó tó ṣí ìwé orúkọ.

Ká ní oṣù mẹ́jọ kọjá, ayálégbé ìsàlẹ̀ mú ìwé wá pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ òun lọ sí Abẹ́òkúta, òun á kó jáde ní ìparí oṣù. Owó ilé ti di 1,100,000. Bàbá pe aránṣọ. Ó ti rí ilé sí Ìgbógbó, ó sì dúpẹ́ gan-an pé bàbá rántí òun. Bàbá fa ìlà. Ó pe òṣìṣẹ́ báǹkì, fóònù kò lọ. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun fún un ní wákàtí 48. Ó jẹ́ kí wákàtí náà pé, kò pe ẹlòmíràn láàárín rẹ̀. Èsì dé lọ́jọ́ kejì pé owó náà ti ga ju agbára òun lọ. Ó fa ìlà. Lọ́yà wá wò ó, ó ka ìwé àdéhùn láti òkè délẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà mítà iná àti ohun tó wà lórí rẹ̀ sínú ìwé náà, ó sì sanwó. Bàbá wá kọ̀wé sí tọkọtaya pé fúláàtì kan ṣófo, ó ti ní ẹni, ṣùgbọ́n àwọn ló ti wá di ìkíní nínú ìwé báyìí. Kò san kọ́bọ̀ kan fún ejẹ́ǹtì, ilé náà kò sì fi ọ̀sẹ̀ kan ṣófo.

Bí bàbá bá fẹ́ fo ẹnì kan, ká ní ọmọ àbúrò rẹ̀ ló fẹ́ gba fúláàtì náà, ilé rẹ̀ ni, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kó ṣáà kọ̀wé sí ẹni tó wà níwájú kó tó gbọ́ ọ níta: "Ẹbí mi ló gba èyí, ipò yín kò yí padà." Inú ẹni náà lè má dùn. Ó sàn fún un ju kó gbọ́ ọ lẹ́nu ejẹ́ǹtì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé náà, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín. Bí onílé bá kọ irú lẹ́tà yìí sí yín, ẹ dá a lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ "ẹ ṣeun, sà" lásán. Bí ẹ bá rí ilé níbòmíràn, ẹ pè é lọ́jọ́ náà pé kó yọ orúkọ yín, nítorí pé ẹnì kan wà lẹ́yìn yín tó ń dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè owó kí orúkọ yín tó lè wọ ìwé, ẹ má san án.